Kíráṣì ni àbí fáàsì-tíráàkì? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí bí a ṣe ń gé ọjọ́ iṣẹ́ ilé kù, àti iye tó ń ná èèyàn

Iṣẹ́ ilé ni mò ń bójú tó níbí ní Adó-Èkìtì, mo sì máa ń dé Ìkéré àti Ìjerò náà. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, àti àwọn onílé fúnra wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ti ń lọ, báwo la ṣe máa yára parí?" Mo wá kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí, họ́ọ̀lù ìnáwó kan tí a kọ́ nílùú ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, kí ìṣirò náà lè yé gbogbo wa.

Kí ni kíráṣì, kí ni fáàsì-tíráàkì? Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá o. Kíráṣì ni kí ẹ fi owó ra ọjọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi bíríkìlà kún bíríkìlà, àbí ẹ sanwó ófátáìmù, ó wá gba ọjọ́ méje. Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra wọn kò yí padà, owó ló lọ sókè.

Fáàsì-tíráàkì ní tiẹ̀, ẹ ò fi èèyàn kún èèyàn. Iṣẹ́ méjì tó yẹ kó tẹ̀ léra ni ẹ jẹ́ kó gun ara wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì nígbà tí àkọ́kọ́ ò tíì parí. Wọ́n ń kan páànù lápá ọ̀tún, àwọn kan ti ń rẹ́ ògiri lápá òsì. Lójú, ó dà bí ọ̀fẹ́. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀ o, ó kàn fara pamọ́ sínú àtúnṣe ni, a máa kà á síta nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láti 1957 tí ilé-iṣẹ́ DuPont àti Remington Rand ti jọ ṣe ìlànà kírítíkà páàtì, ìyẹn wíwá ọ̀nà iṣẹ́ tó gùn jù, ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí ọjọ́ kan máa ná èèyàn tó bá fẹ́ gé e kù.

Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ?

Họ́ọ̀lù kan ni, ilé ilẹ̀, Màmá kan ló ni ín. Wọ́n ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ùdírokò, ẹ sì mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni Ùdírokò máa ń bọ́ sí, kò sí ẹni tó lè bẹ Ọba Èwí pé kí wọ́n sún ọdún síwájú nítorí pé kápẹ́ńtà ò wá. Bí iṣẹ́ ṣe rí nínú ètò wa àkọ́kọ́ nìyí, owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni mo kọ, mi ò ka símẹ́ǹtì àti páànù mọ́ ọn:

Ìpìlẹ̀, ọjọ́ 12, ₦500,000
Ògiri títí dé lẹ́ntù, ọjọ́ 14, ₦700,000
Òrùlé, ọjọ́ 8, ₦480,000
Rírẹ́ ògiri, ọjọ́ 10, ₦400,000
Síílìn, táìlì àti ọ̀dà, ọjọ́ 10, ₦600,000

Àwọn márùn-ún yìí ń tẹ̀ léra ni, ẹ rò wọ́n pọ̀, ọjọ́ 54. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wẹ́dà ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún ọjọ́ 20 láti ìgbà tí ìpìlẹ̀ bá ti parí, ẹlẹ́tríkì sì ń ri páìpù wáyà mọ́ ògiri fún ọjọ́ 6 lásìkò tí wọ́n ń ṣe òrùlé, torí ó gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.

Ọjọ́ 46 ni Màmá fún wa. Ọjọ́ 8 ni a ní láti wá.

Iṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ gé?

Èyí tó wà lórí ọ̀nà tó gùn jù nìkan, òun ni à ń pè ní kírítíkà páàtì. Àwọn márùn-ún tí mo kà lókè ni ọ̀nà yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù gan-an nìyí, torí wẹ́dà wa sọ pé tí a bá fún òun ní ₦10,000 lórí ọjọ́ kan òun máa yára, òun ló sì rọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìpìlẹ̀ parí lọ́jọ́ 12, wẹ́dà fi ọjọ́ 20 ṣe tiẹ̀, ó parí lọ́jọ́ 32. Ọjọ́ 44 la tó máa fọwọ́ kan síílìn àti táìlì. Ó ní àyè ọjọ́ 12 tó lè fi falẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára, fúlóòtù ni wọ́n ń pe àyè yẹn. Tí ẹ bá fún un ní ₦50,000 kó fi ọjọ́ márùn-ún yá, ilẹ̀kùn máa kàn tètè dé ni, á jókòó sínú òjò máa dípẹtà, ọjọ́ 54 yín ò ní yẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí ọjọ́ kan máa ná mi?

Ẹ bi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìbéèrè méjì: ọjọ́ mélòó ló kéré jù tí o lè fi ṣe é, èló lo máa gbà tí o bá fi ìyẹn ṣe é? Lẹ́yìn náà:

```
iye ọjọ́ kan = (owó kíráṣì − owó tẹ́lẹ̀) ÷ (ọjọ́ tẹ́lẹ̀ − ọjọ́ kíráṣì)
```

Bíríkìlà tó ń mọ ògiri sọ pé òun lè fi ọjọ́ 10 ṣe é dípò 14, owó á di ₦820,000. Ìyàtọ̀ owó ₦120,000, ìyàtọ̀ ọjọ́ 4, ọjọ́ kan jẹ́ ₦30,000. Rírẹ́ ògiri lè di ọjọ́ 7 fún ₦460,000, ọjọ́ kan ₦20,000. Ìpìlẹ̀ lè di ọjọ́ 10, ọjọ́ kan ₦45,000. Òrùlé lè di ọjọ́ 5, ọjọ́ kan ₦50,000. Síílìn, táìlì àti ọ̀dà lè di ọjọ́ 8, ọjọ́ kan ₦70,000, ó wọ́n torí olówó ńlá ni oní-táìlì tó mọṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnu lásán. Tí bíríkìlà bá sọ pé "mo máa ṣe é kíá", ẹ ní kó ka èèyàn tó máa kó wá fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibo ni kí n ti dúró?

Ibi tí ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ rà bá ti wọ́n ju ohun tí ọjọ́ kan ń jẹ lọ́wọ́ yín lọ. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ ló ń jẹ owó, bóyá ẹ mọ búlọ́ọ̀kù kan, bóyá ẹ ò mọ ọ̀kan. Lórí họ́ọ̀lù yìí, owó mísà tí a háyà, omi táńkà, mẹ́gàdì, fọ́ọ́mà àti epo jẹ́nẹ́rétọ̀ jẹ́ ₦35,000 lójúmọ́. Iye yẹn ni ìwọ̀n wa.

Ó yá, èyí tó rọ̀ jù la fi bẹ̀rẹ̀. Rírẹ́ ògiri, ọjọ́ 3 ní ₦20,000, ₦60,000 lápapọ̀, ó gbà wá lọ́wọ́ ₦105,000 owó ojoojúmọ́ tí à bá ná. Èrè ₦45,000, iṣẹ́ di ọjọ́ 51. Ògiri ló kàn, ọjọ́ 4 ní ₦30,000, ₦120,000, ó gbà wá lọ́wọ́ ₦140,000. Èrè ₦20,000 sí i, iṣẹ́ di ọjọ́ 47. Ẹ rí i pé a ti ń yára, a tún ń jèrè, ₦65,000 ló wọlé.

Ọjọ́ kan ló kù. Èyí tó rọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù ni ìpìlẹ̀, ₦45,000, ó sì ju ₦35,000 lọ. Tí a bá rà á, a dé ọjọ́ 46, ṣùgbọ́n èrè wa já sí ₦55,000. Ìyẹn ni pé ọjọ́ 47 ni iṣẹ́ yìí rọ̀ jù tí ẹ bá wo owó nìkan. Ọjọ́ 46 ni Màmá fẹ́, ₦10,000 ni ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn ná wa. Mo fẹ́ràn kí èèyàn mọ iye yẹn kó tó fèsì fún onílé, dípò kó kàn máa gbọn orí.

Gbogbo kíráṣì náà: ₦225,000. Owó ojoojúmọ́ tó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ 8 ní ₦35,000: ₦280,000.

Kí ló dé tí ẹ ò gé òrùlé, ṣé kò ṣe é gé ni?

Ó ṣe é gé, ó kàn wọ́n ni. Nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Òrùlé jẹ́ ọjọ́ 8, ẹlẹ́tríkì ń ṣe tiẹ̀ fún ọjọ́ 6 lásìkò kan náà, àyè ọjọ́ 2 ni ẹlẹ́tríkì ní. Tí ẹ bá gé òrùlé sí ọjọ́ 6, àyè yẹn tán, àwọn méjèèjì ti jọ wà lórí ọ̀nà tó gùn jù. Tí ẹ bá wá fẹ́ gé e sí 5, ẹ ò lè sanwó kápẹ́ńtà nìkan mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó ẹlẹ́tríkì náà, tiẹ̀ jẹ́ ₦25,000 lọ́jọ́ kan. ₦50,000 ti di ₦75,000 nìyẹn, fún ọjọ́ kan péré. Torí náà gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé ọjọ́ kan, ẹ tún ọ̀nà yín kà, bóyá ọ̀nà mìíràn ti gùn tó o.

Fáàsì-tíráàkì ò gba owó, kí ló dé tí a ò kàn lò ó?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn onílé fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Láti rí ọjọ́ 8 nípa fáàsì-tíráàkì nìkan, a lè jẹ́ kí àwọn tó ń rẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òrùlé ṣì ku ọjọ́ 4, kí àwọn tó ń ṣe síílìn àti táìlì sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rírẹ́ ṣì ku ọjọ́ 4. 4 àti 4, ọjọ́ 8, a ti dé 46.

Àkọ́kọ́, kò tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìpìlẹ̀ àti ògiri gba ọjọ́ 26, òrùlé á parí lọ́jọ́ 34, rírẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́tríkì ò ní parí títí di ọjọ́ 32. Tí wọ́n bá rẹ́ ògiri kí páìpù tó wọlé, ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ padà. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ sanwó kí ẹlẹ́tríkì fi ọjọ́ 4 ṣe é, ₦50,000.

Èkejì, òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkìtì mọ bí òjò oṣù kẹfà sí ìkeje ṣe rí. Ibi tí páànù ò tíì dé, òjò á na símẹ́ǹtì tútù kúrò lára ògiri. Mo fi í sí ìgbà 3 nínú 10. Tó bá ṣẹlẹ̀, àtúnṣe ₦150,000, ọjọ́ 3 á tún lọ, ìyẹn ₦105,000, àpapọ̀ ₦255,000. Ẹ sọ ọ́ di ìdá 3 nínú 10: ₦76,500.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dà. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní omi nínú, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ kó gbẹ tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án. Ètò wa ti há tẹ́lẹ̀, táìlì la kọ́kọ́ ń ṣe kí ògiri lè rí afẹ́fẹ́ díẹ̀. Tí a bá tún gbé ọjọ́ 4 kúrò níbẹ̀, nínú ọ̀rinrin, mo fi í sí ìgbà 5 nínú 10 pé ó máa bó tàbí kó fún wa ní àwọn àbàwọ́n funfun yẹn. Àtúnṣe ₦180,000, ọjọ́ 4 ₦140,000, àpapọ̀ ₦320,000, ìdajì rẹ̀ ₦160,000.

Ẹ wá kó o jọ: ohun tó gbà wá lọ́wọ́ ₦280,000, ẹ yọ ₦50,000 ti ẹlẹ́tríkì, ẹ yọ ₦76,500, ẹ yọ ₦160,000. Ó ku... àdánù ₦6,500. Kíráṣì fún wa ní èrè ₦55,000. Ìyẹn tí a bá mú àárín o. Tí òjò bá na ògiri, tí ọ̀dà náà sì bó, ọjọ́ 7 á padà sí wa lára, iṣẹ́ á di ọjọ́ 53, nǹkan bíi ₦345,000 á ti lọ.

Ibo lẹ ti rí ìgbà 3 nínú 10 yẹn? Ṣé ẹ kàn fọkàn dá a ni?

Inú ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi ni. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí òjò dá wa dúró sílẹ̀ lórí gbogbo iṣẹ́, mo sì wo iṣẹ́ mẹ́wàá tí a ti kan òrùlé lásìkò òjò rí. Tí ẹ ò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bi kápẹ́ńtà àti akunlé méjì mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ mú àárín. Nọ́ńbà náà ò ní pé géérégé, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá kọ nọ́ńbà kankan, òdo lẹ kọ yẹn, òdo sì ni irọ́ tó tóbi jù níbẹ̀.

Tí fáìnì bá wà nínú àdéhùn ńkọ́?

Ẹ rò ó mọ́ owó ojoojúmọ́. Ká ní Màmá sọ pé wọ́n máa yọ ₦50,000 lójúmọ́ tí a bá kọjá ọjọ́ 46, ìwọ̀n wa kúrò ní ₦35,000, ó di ₦85,000. Ọjọ́ ìpìlẹ̀ tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ní ₦45,000 ti di ohun tó yẹ ká rà láìronú. Fáìnì tún máa ń sọ fáàsì-tíráàkì di ewu sí i, torí ọjọ́ àtúnṣe náà máa jẹ fáìnì. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣírò pẹ̀lú ₦85,000, ìyàtọ̀ àárín kíráṣì àti fáàsì-tíráàkì kúrò ní ₦61,500, ó di ₦206,500.

Kí lẹ wá ṣe gan-an níkẹyìn?

A da méjèèjì pọ̀. Dípò ká ra ọjọ́ ìpìlẹ̀ ní ₦45,000, a ní kí oní-táìlì fi ọjọ́ kan ṣáájú, kó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìkó-nǹkan-sí tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n ti rẹ́ tó sì ti gbẹ. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni kí símẹ́ǹtì kán sórí táìlì, mo fi í sí ìgbà 2 nínú 10 pé a máa ná ₦40,000, ìyẹn ₦8,000. Lórí ìwé: kíráṣì ọjọ́ 7 ₦180,000, ewu ₦8,000, ohun tó gbà wá lọ́wọ́ ₦280,000, èrè ₦92,000. Òun ló dára jù nínú gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí a dé orí iṣẹ́, kò lọ bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà kó èèyàn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mi ò bi ẹni tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù fún wa. 200 ló ń kó wá lójúmọ́, iṣẹ́ tuntun yìí sì ń fẹ́ 280. Lọ́jọ́ kẹta mo dé síbẹ̀ bí aago mọ́kànlá àárọ̀, àwọn bíríkìlà tuntun mẹ́ta ti dojú páànù ìkósímẹ́ǹtì délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù, owó wọn ń lọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn torí àṣìṣe mi ni. A sanwó ọjọ́ 4, ọjọ́ 3 la rí. Ọjọ́ kan tó sọnù yẹn, òrùlé la ti lọ rà á ní ₦50,000, torí ìpìlẹ̀ ti kọjá, ẹ ò lè gé ohun tó ti parí. Òjò ò bá wa jà, símẹ́ǹtì ò kán sórí táìlì. ₦230,000 la ná, ₦280,000 ló gbà wá lọ́wọ́, ₦50,000 ló kù, a sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Màmá lọ́jọ́ 46.

Ṣé gbogbo nǹkan ló ṣe é gé tí owó bá wà?

Símẹ́ǹtì ò mọ owó. Kọnkéré lẹ́ntù tí ẹ dà lónìí, bí ẹ kó ogún bíríkìlà wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò tíì ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní lọ́jọ́ 28 lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ yọ pákó abẹ́ rẹ̀ kíá kí ọjọ́ lè dínkù, ẹ má gbà. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ̀ lánàá náà bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá rí i tó ń ya létí bí ẹ ṣe ń gbé e, kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà.

Àyè náà ní ìwọ̀n. Nínú yàrá kan tó kéré, èèyàn méjì ló lè rẹ́ ògiri dáadáa, ẹnì kẹta á kàn máa dí wọn lọ́wọ́ ni. Ófátáìmù náà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ á yá, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta ara ti rẹ wọ́n, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kódà iyán ọ̀sán tó dúró dáadáa ò ní gbé wọn dìde mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa tètè mọ̀ pé ohun tí mo rà ò dé ọwọ́ mi?

Ẹ má dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ ka iye iṣẹ́ tó jáde lójúmọ́, ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá ń sanwó fún 280 búlọ́ọ̀kù, ẹ ka búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì tí kò bá pé, ẹ wá ohun tó fà á lọ́jọ́ kejì yẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹrù tí kò dé ju ọ̀lẹ lọ. Ní ti fáàsì-tíráàkì, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wò ó: ẹ fi ọ̀rá lẹ ojú ògiri kan pẹ̀lú téèpù títí di ọjọ́ kejì, tí omi bá kó jọ sínú ọ̀rá náà, akunlé ò tíì gbọdọ̀ ṣí gáloọ̀nù ọ̀dà kankan, ohun yòówù tí onílé ì báà sọ.